Òṣómàáló Kò Lóṣòó Ti Ọmọdé

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òwe lẹ́nu àwọn tó ń darí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni láti Àjàṣẹ́ títí dé Ìpòbẹ́. Ní Ìgòlò, tó wà lẹ́nubodè níwájú Ìdìròkò, èmi náà ti gbọ́ ọ títí tó fi sú mi: “Lẹ́tà kì í gba owó. Lé ọmọ sílé, owó á dé.” Àwọn tó ń sọ ọ́ kì í ṣe ìkà ènìyàn. Dirẹ́tọ̀ ni wọ́n, akápò ni wọ́n, àwọn náà sì ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ tiwọn níbòmíì. Oṣù ń parí lọ, àwọn tíṣà ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, àpótí owó sì gbẹ. Wọ́n á gbé ìwé orúkọ jáde láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n á pe orúkọ níwájú àsíá, ogún ọmọ á gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n á tò jáde. Kó tó di ọ̀sán, ìyá mẹ́fà tàbí méje á ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà pẹ̀lú owó nínú ìdí ìró. Dirẹ́tọ̀ á yíjú sí akápò, á ní: “Ẹ rí i báyìí?”

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó yẹ ká rí. Owó tó dé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ọwọ́ àwọn tó ti ní in tẹ́lẹ̀ ló ti wá. Owó náà wà nílé, iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún wọn ní tààrà pé ọjọ́ ti pé. Àwọn wọ̀nyẹn ni lẹ́tà tó dára ìbá ti mú wá láìlé ẹnikẹ́ni. Àwọn mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá tó kù ńkọ́? Òbí wọn kò ní owó náà lọ́jọ́ Ajé, wọn kò sì ní in lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Lílé ọmọ kò lè fa ohun tí kò sí nínú àpò jáde. Ọmọ jókòó nílé lọ́jọ́ mẹ́ta, ó tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà, ó bá wọn di ẹrù. Nígbà tó bá padà, ẹ̀kọ́ ìṣirò ti kọjá ibi tó fi í sí.

Àwọn baba wa mọ bí a ṣe ń sin gbèsè, wọn kò sì fi ọwọ́ dẹngbẹrẹ mú un. Ológò a máa lọ jókòó ti onígbèsè nínú ilé rẹ̀, á máa pariwo, á máa jẹun ilé náà, títí ojú á fi ti onítọ̀hún débi tí yóò fi wá owó. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ru aṣọ kiri láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń tà á láwìn, tilẹ̀ gba orúkọ nídìí ẹ̀: òṣómàáló, ẹni tó sọ pé òṣó lòun máa ló títí òun á fi gba owó òun. Kò sí ẹni tó máa pe ìyẹn ní ìwà pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ibi tó lóṣòó sí: iwájú ẹni tó ra aṣọ ni. Kò lọ lóṣòó ti ọmọ onígbèsè ní ibi tí ọmọ ti ń ṣeré. Ohun tí à ń ṣe níwájú àsíá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé le ju ti òṣómàáló lọ, nítorí ẹni tí kò jẹ gbèsè là ń dójú tì, tí à ń retí kí ìtìjú náà rìn délé bá ẹni tó jẹ ẹ́. Àṣà mímú ará ilé onígbèsè dè nítorí gbèsè tí kì í ṣe tirẹ̀ wà láyé àtijọ́ lóòótọ́, ogun àti ìjà ló sì máa ń dá sílẹ̀ láàárín ìlú sí ìlú. Mi ò mọ̀ pé a ṣì ń wá bí a ṣe máa jí i dìde nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́.

Wọ́n á dá mi lóhùn pé àwọn ti kọ lẹ́tà rí, kò ṣiṣẹ́. Mo gbà pé wọ́n kọ nǹkan kan. Mo ti ka oríṣi méjì nínú wọn. Àkọ́kọ́ jẹ́ lẹ́tà oníhàlẹ̀, lédè Faransé tó wúwo, tó ń sọ fún “gbogbo òbí tí ọ̀rọ̀ kàn” pé bí wọn kò bá san kó tó di ọjọ́ báyìí, ilé-ẹ̀kọ́ á ṣe ohun tó yẹ kó ṣe. Ìkejì ni lẹ́tà olóyin: ìdajì ojú ìwé jẹ́ ìkíni àti àdúrà, òwe kan nípa ẹ̀kọ́, òwe mìíràn nípa ọmọ, lẹ́yìn náà ni gbólóhùn kan tó ń bẹ òbí pé kí wọ́n “rántí ojúṣe wọn”. Àwọn ènìyàn rò pé òdìkejì ara wọn ni méjèèjì. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, nítorí kò sí èyí tó sọ iye tí òbí yìí gan-an jẹ nínú wọn. Ẹni tó gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ á kà á, á ká a, á sì fi sábẹ́ ìrọ̀rí, torí kò sí ohun kan pàtó níbẹ̀ tó lè ṣe lónìí.

Ohun tí mo ń jà fún kò ju èyí lọ: inú ìṣirò ni ìwà pẹ̀lẹ́ lẹ́tà akápò wà. Ọ̀rọ̀ dídùn kò tó o. Bí iye bá péye, tí ọjọ́ bá ṣe kedere, tí ohun tí òbí ti san bá kọ́kọ́ hàn kí a tó dárúkọ èyí tó kù, lẹ́tà náà ti ní ọ̀wọ̀ nínú, kódà bí ìkíni rẹ̀ bá jẹ́ ìlà kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ ká fi Ìgòlò fúnra rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ìlú ẹnubodè ni, lábẹ́ Ìfọ̀nyìn. Sẹ́fà ni ilé-ẹ̀kọ́ ń gbà, ṣùgbọ́n náírà ni ọ̀pọ̀ òbí fi ń rí jẹ. Ní oṣù Kẹjọ 2019, Nàìjíríà ti gbogbo ẹnubodè orí ilẹ̀ rẹ̀ pa. Wọ́n ṣí Sẹ̀mẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2020, ṣùgbọ́n Ìdìròkò wà ní títì di oṣù Kẹrin 2022. Nígbà tí ìyẹn rọlẹ̀, ìjọba Nàìjíríà yọ ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní òpin oṣù Karùn-ún 2023, epo payó tí ọ̀pọ̀ ilé níbí fi ń jẹun sì gbówó lórí lójijì. Oṣù tó tẹ̀lé e ni wọ́n tú náírà sílẹ̀ lọ́jà. Lórí tábìlì àwọn tó ń ṣẹ́ owó, 1,000 náírà tó ń mú nǹkan bí 800 sẹ́fà wá kó tó di àsìkò náà wá rọ̀ sí nǹkan bí 400 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024.

Ìyá tó ń kó ọjà kọjá sí Ìdìròkò, tó jẹ ilé-ẹ̀kọ́ ní 30,000 sẹ́fà, nǹkan bí 37,500 náírà ló máa ń ṣẹ́ láti fi san án tẹ́lẹ̀. Kò tó ọdún kan lẹ́yìn náà tí gbèsè kan náà fi di nǹkan bí 75,000 náírà. Ilé-ẹ̀kọ́ kò fi kọ́bọ̀ kan kún owó rẹ̀. Ìyá náà kò sì di ọ̀lẹ. Bí akápò bá kọ̀wé sí i nírú ọdún bẹ́ẹ̀ pé ó “ń fi ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ ṣeré”, irọ́ ni akápò náà pa, ìyá náà sì mọ̀ pé irọ́ ni. Láti ọjọ́ yẹn lọ, kò ní gba ọ̀rọ̀ kankan tó bá ti ọ́fíìsì yẹn wá gbọ́.

Ká wá mú ìyá kan. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣètò àpẹẹrẹ yìí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó nídìí ìwé owó ilé-ẹ̀kọ́ rí á mọ̀ pé irú rẹ̀ kì í wọ́n. Ọmọ méjì ló ní níbẹ̀, 75,000 sẹ́fà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 150,000 lọ́dún. Ìpín mẹ́ta ni wọ́n pín in sí: 60,000 kí oṣù Kẹwàá tó parí, 50,000 kí oṣù Kìíní tó parí, 40,000 kí oṣù Kẹrin tó parí. Ìyá náà san 60,000 lójú akápò, ó gba rísíìtì. Ní òpin oṣù Kìíní, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin bá a fi 20,000 ránṣẹ́ láti orí fóònù tirẹ̀. Orúkọ àbúrò ló jáde lórí Mómò ilé-ẹ̀kọ́, akápò kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ló bá kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé, níbi tó ń kọ owó tí kò lólúwa sí.

Nígbà tí oṣù Kejì fi máa dé ìdajì, wọ́n ní kí akápò kó orúkọ àwọn onígbèsè jáde. Ó wo ojú ìwé ìyá yìí, ó rí 60,000, ó yọ ọ́ kúrò nínú 150,000, ó kọ 90,000. Iye yẹn gan-an ni wọ́n máa kà síwájú àsíá, òun ni wọ́n sì máa kọ sínú lẹ́tà. Àṣìṣe méjì ló wà nínú rẹ̀. Èkíní, 40,000 níbẹ̀ kò tíì tó àkókò, owó oṣù Kẹrin ni. Owó tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé kì í ṣe gbèsè, ẹni tó bá pè é ní gbèsè ti da àdéhùn tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Èkejì, 20,000 ti wà nínú àpò ilé-ẹ̀kọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì, kò kàn tíì mọ ilé ni. Ohun tí ìyá náà jẹ lọ́jọ́ yẹn ni 30,000, ìdá kan nínú mẹ́ta iye tí wọ́n fẹ́ fi pè é ní onígbèsè.

Àwọn tó ń sọ pé lẹ́tà kì í gba owó kì í béèrè ohun tí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ń ṣe lọ́kàn ẹni tó kà á. Ẹni tó jẹ 30,000, tí wọ́n sọ fún pé 90,000 ló jẹ, kì í sáré wá tún ìṣirò ṣe. Ara á kọ́kọ́ tù ú. Wọ́n ti fún un ní ẹ̀bi tó lè gbé lé ilé-ẹ̀kọ́ lórí, á sì ní kí wọ́n lọ wá ìwé wọn rí kí wọ́n tó máa pe òun. Ọ̀rọ̀ náà kúrò lórí gbèsè, ó di ọ̀rọ̀ ta ló purọ́. Bí wọ́n bá wá lé ọmọ lé àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lórí, owó tí ì bá wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á di ìjà ọdún kan.

Nítorí náà, iṣẹ́ akápò bẹ̀rẹ̀ kó tó mú gègé. Á to ẹ̀dà rísíìtì, àkójọ Mómò àti ìwé orúkọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, á sì wá olúwa fún gbogbo owó tí kò lólúwa. Fún 20,000 yìí, ọjọ́ àti iye á tọ́ka ọ̀nà. Òbí mélòó ló ń retí láti san irú iye bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn? Á pe nọ́ńbà tó rán an, á béèrè pẹ̀lú sùúrù pé ọmọ wo ló sanwó fún. Ìpè kan ṣoṣo ni. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá gbọ́n á ti gba nọ́ńbà gbogbo ẹni tó lè sanwó fún ọmọ kan sílẹ̀ lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀, nítorí ní ìlú bíi tiwa, ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n tó wà ní Èkó àti àbúrò tó ń gun ọ̀kadà ló jọ ń san owó ilé-ẹ̀kọ́.

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà. Bí èmi ṣe máa kọ ọ́ nìyí:

“Ìyá wa, ẹ kú ọjà, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Nínú owó ọdún yìí lórí àwọn ọmọ yín méjèèjì, 60,000 sẹ́fà tí ẹ mú wá ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá wà lọ́wọ́ wa. 20,000 tí ẹ fi Mómò rán ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní náà ti dé. Orúkọ àbúrò yín ló bá a wá, a sì ti kọ ọ́ sí ojú ìwé yín. Ohun tó ṣẹ́kù nínú ìpín kejì ni 30,000. Ìpín kẹta, 40,000, di òpin oṣù Kẹrin. A kò tíì béèrè rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí 30,000 náà wọlé kó tó di ọjọ́ 15 oṣù Kẹta, lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìṣirò yín bá yàtọ̀ sí tiwa, ẹ mú rísíìtì yín wá, a ó jọ wò ó. Bí ọjọ́ náà kò bá sì rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ pè mí kó tó pé, kí ẹ dá ọjọ́ tí apá yín ká. Àwọn ọmọ wà ní kíláàsì. Èmi, akápò.”

Mo mọ gbólóhùn tí dirẹ́tọ̀ máa fẹ́ pa rẹ́ níbẹ̀: “Àwọn ọmọ wà ní kíláàsì.” Á ní mo ti tú aṣírí, pé ìyá náà ti mọ̀ báyìí pé a kò ní lé wọn. Bẹ́ẹ̀ ni, mo fẹ́ kó mọ̀. Ìyá tó ń bẹ̀rù pé wọ́n á lé ọmọ lọ́la á sá fún akápò lónìí, á gba ọ̀nà ẹ̀yìn ọjà, kò ní gbé fóònù. Èyí tó mọ̀ pé ọmọ òun jókòó síbẹ̀, tó mọ iye tó jẹ, tó sì mọ ẹni tí òun lè bá sọ̀rọ̀, òun ló máa wá sọ pé 15,000 ló wà lọ́wọ́ òun báyìí, èyí tó kù di ìgbà tí òun bá ta epo pupa. Ìdajì owó tó wọlé pẹ̀lú ọjọ́ fún ìdajì kejì dára ju odidi owó tó ń sá kiri lọ.

Ọjọ́ tí mo mú náà, kì í ṣe pé mo ṣẹ́ kèké. Òpin oṣù Kìíní ni ìpín kejì bọ́ sí, lẹ́yìn ìnáwó ọdún tuntun, nígbà tí àpò gbogbo ilé fẹ́lẹ́. Ìgbà tó tẹ̀lé e, láti oṣù Kejì lọ dé nǹkan bí oṣù Karùn-ún, ni ẹyìn ń so jù ní ìhà gúúsù Bẹ̀nẹ̀, tí àwọn obìnrin agbègbè Ìfọ̀nyìn àti Sàkétẹ́ ń fún epo. Akápò tó bá ń bínú ní ọjọ́ kejì oṣù Kejì ń bá ojú ọjọ́ jà. Èyí tó bá fi ọjọ́ rẹ̀ sí àárín oṣù Kẹta ti lọ dúró dè é ní ibi tí owó máa gbà kọjá.

Ta ni a ń kọ lẹ́tà sí? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ akápò ti ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ da ilé rú. Orúkọ bàbá ló wà lórí ìwé ìforúkọsílẹ̀, wọ́n á kọ lẹ́tà sí bàbá. Ìyá ló sì ń sanwó, láìjẹ́ pé bàbá mọ iye tó kù. Bàbá á gba lẹ́tà lọ́wọ́ ọmọ, á kà á lójú àwọn ìyàwó yòókù, ó di ẹjọ́. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rísíìtì ni kí lẹ́tà lọ bá, nínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa. Bí kò bá mọ̀wé, kí akápò ka ọ̀rọ̀ náà sínú fóònù fún un ní Yorùbá tàbí Ègùn, pẹ̀lú iye kan náà. Kí ó má sọ ọ́ sínú Wásáàpù gbogbo òbí kíláàsì. Iwájú àsíá mìíràn nìyẹn, àfi pé ojú tó ń wò ó níbẹ̀ pọ̀ ju ti ọgbà lọ.

Mo ti gbọ́ àtakò tó lágbára jù: owó tíṣà. Tíṣà kò lè jẹ lẹ́tà pẹ̀lẹ́. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n máa ń rántí rẹ̀: ọjọ́ 27 oṣù, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí owó oṣù jáde. Lẹ́tà tí a kò kọ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú kí ìpín tó pé, tí a kò kọ ní ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tó pé, ni a wá ń fi ọmọ dípò rẹ̀ lójijì. Ẹni tó bá kọ àwọn méjèèjì lásìkò á ti mọ̀ kó tó di ọjọ́ 27 iye tó máa wọlé àti iye tí kò ní wọlé, dirẹ́tọ̀ á sì ráyè bá àwọn tíṣà sọ òtítọ́.

Wọ́n tún gbàgbé pé òbí ní ẹnu ọ̀nà mìíràn. Láti 2006 ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti mú owó kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba, Ìdìròkò sì wà níwájú wa pẹ̀lú ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ọmọ tí a lé lẹ́ẹ̀mẹ́ta kì í padà nígbà kẹrin, ó ń lọ síbòmíì. Gbèsè rẹ̀ á tẹ̀lé e kọjá ẹnubodè, kò sì sí akápò tó máa gba ọ̀nà yẹn lọ lóṣòó.

Òbí kan wà tí lẹ́tà mi kò ní mú. Ó ní owó, ó ka iye, ó sì pinnu pé òun kò ní san. Kí a pè é, kí a jókòó, kí a kọ àdéhùn tí òun àti dirẹ́tọ̀ máa fọwọ́ sí, pẹ̀lú ọjọ́ àti iye. Bí ó bá da àdéhùn náà, kí ilé-ẹ̀kọ́ sọ fún un ní oṣù Kẹfà pé òun kò ní gba ọmọ rẹ̀ wọlé fún ọdún tó ń bọ̀ àyàfi tí gbèsè bá parí, kó lè ní gbogbo ìsinmi láti wá ibòmíì tàbí láti wá owó. Ìyẹn le. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà méjì ló jọ ń sọ ọ́, ọmọ sì ti parí ọdún rẹ̀.

Ó ku lẹ́tà kan tí n kò tíì rí kí akápò kankan kọ rí. Nígbà tí ìyá yìí bá san 15,000, tó tún san 15,000, kí ìwé kékeré kan lọ bá a nínú àpòòwé bíi ti àkọ́kọ́: “Ìyá wa, 30,000 ti pé lónìí, ọjọ́ 13 oṣù Kẹta. A dúpẹ́. Kò sí ohun tó kù títí di òpin oṣù Kẹrin.” Á ká a pọ̀ mọ́ rísíìtì oṣù Kẹwàá, á fi sínú àpótí tó ń kó ìwé ilẹ̀ sí.